Ewì Tí Ọkọ Ìyàwó Kà ní Igbó-Ọrà: Àwo Méjì La Ó Bù

 

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ìgbéyàwó ó dé nígbà tí ọmọ àbúrò mi wọlé tọ̀ mí wá ní Èrúwà. Alẹ́ ti lẹ́ díẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣé kò sí?" Ó ní, "Kò sí o, Màmá. Mo kọ nǹkan tí mo fẹ́ kà fún ìyàwó mi lọ́jọ́ náà ni. Ẹ bá mi gbọ́ ọ wò." Ó fa ìwé méjì yọ lápò. Mo gbé ọpọ́n ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó yà mí lẹ́nu, n ò ní purọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyàwó ló máa ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ. Ẹkún ìyàwó là ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní rárà ìyàwó. Èmi náà sun tèmi. Àwọn tó ṣáájú mi ló kọ́ mi. Mo lọ bá bàbá mi, mo lọ bá ìyá mi, mo dúpẹ́ oúnjẹ, mo dúpẹ́ aṣọ, mo tọrọ ìwúre, mo pe oríkì wa, omijé sì ń dà. Gbogbo ilé ló gbọ́ mi. Ọkọ mi kò sọ ohunkóhun. Àyà tó fi kanlẹ̀ níwájú àwọn òbí mi ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn àgbà ilé rẹ̀ ló bá a sọ ìyókù.

Nítorí náà, ọmọ yìí kò ní ohun tí ó lè wò kọ. Ẹni tó ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú ìwé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Wọn á pè é, yóò gbè é. Ẹni tó lọ sí kóòtù náà, akọ̀wé ti ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ nílẹ̀. Níwájú obì àti orógbó, kò sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de ọkọ. Àyè ńlá ni. Ewu ńlá náà sì ni, torí pé ohun tó bá jáde lẹ́nu ẹni lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ́ ni. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó bá dé kóòtù lè fi ẹnu kan irin búra, adájọ́ á sì gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe wúwo lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣe ẹwà.

Ó ka èyí tó kọ́kọ́ kọ fún mi. Ó dùn létí. Ìyàwó rẹ̀ ni oòrùn, òun náà ni òṣùpá, òun ni ìràwọ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí omijé kán lójú rẹ̀ láéláé. Ó ní ìbejì lọ́tùn-ún, ìbejì lósì ni òun yóò fi kún ilé fún un. Nígbà tó kà á tán, ó ń wo ojú mi.

Mo bi í pé, "Ta ni ọmọ tí o ń fẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n ṣáà."

Mo ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. Ewì rẹ kò mọ̀ ọ́n. Bí o bá ká ìwé yìí fún ẹni mìíràn tó ń gbéyàwó ní Láńlátẹ̀ lọ́la, yóò bá tirẹ̀ mu láìfi ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ àléébù tí mo rí níbẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún un, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ti ń kọ irú rẹ̀ báyìí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣì í.

Àkọ́kọ́ ni ìlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni. Ta ló lè sọ pé aya òun kò ní sunkún? Bí ìyá rẹ̀ bá kú ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ọkọ ló ń fúnni lọ́mọ? Lóòótọ́, Igbó-Ọrà ni ìyàwó ti wá. Ọ̀mọ̀wé Patrick Nylander ka ìbímọ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láàárín ọdún 1972 sí 1982, ó sì rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, bí 45 sí 50 ló jẹ́ ìbejì. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì ńlá ní Igbó-Ọrà, tí àlejò ń wá láti òkè òkun. Àwọn ará ibẹ̀ á ní ìlasa àti àmàlà tí àwọn ń jẹ ló fà á. Síbẹ̀, ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tí ọkùnrin lè fi ṣèlérí. Bí ọdún méjì bá kọjá tí ọmọ kò tíì dé, ewì yẹn náà ni àwọn èèyàn yóò máa fi gún obìnrin náà lójú. Ìwúre ọmọ, ẹnu àwọn àgbà ló wà. Kí ọkọ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Èkejì, ó bẹ̀rẹ̀ síí sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ọfọ̀ níbì kan: bí báyìí kì í bá ṣe báyìí, ìyàwó kò gbọdọ̀ ṣe báyìí. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò kíá. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni ìyẹn. À ń fi í pàṣẹ fún ohun tí a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ọkọ tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, ara rẹ̀ ló ń dè, kì í ṣe ìyàwó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewì kan ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ wo ẹni tí ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀ ń já lé. Bó bá jẹ́ "n ó ṣe, n ò ní ṣe" ló pọ̀, ó dára. Bó bá jẹ́ "o ó máa ṣe, o ò gbọdọ̀ ṣe" ló pọ̀, ìdájọ́ ló kọ.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù. Mo bi í pé, "Kẹ́hìndé dà?"

Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, Táyé ni ìyàwó wa. Kẹ́hìndé rẹ̀ kú nígbà tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìyá wọn gbẹ́ ère, bí a ti máa ń ṣe. Láti ìgbà náà ló ti ń tọ́jú rẹ̀: ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń fi èlú kun irun orí rẹ̀, ó ń gbé e nàró láàárọ̀, ó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lálẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá se ẹ̀wà, Kẹ́hìndé máa ń jẹ tirẹ̀. Báyìí, ọwọ́ ìyá ti ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Táyé ló ti ń bá a ṣe é. Kó tó gbà láti fẹ́ ọmọ wa ló ti sọ fún un pé, "Mi ò lè fi Kẹ́hìndé sílẹ̀. Bí mo bá ń bọ̀, àwa méjèèjì là ń bọ̀."

Ọmọ wa gbà. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa ní Èrúwà, ẹnu ń kùn. Ẹnìkan ní ìyàwó kan la lọ tọrọ, kì í ṣe méjì. Ẹlòmíràn ní kí ère dúró sílé ìyá, kí ìyàwó máa lọ kí i. Táyé gbọ́ ọ. Kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó dákẹ́ ju bó ti máa ń dákẹ́ lọ. Ọmọ wa mọ gbogbo èyí, ó sì lọ kọ nípa òṣùpá.

Mo ní, "Ohun tí obìnrin yẹn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ lójú gbogbo èèyàn, o mọ̀ ọ́n. Òun ni kí o kọ. Ìyókù, bí ẹ ṣe pàdé ni kí o fi ṣe."

Ìgbà yẹn ló tó sọ ìtàn láfún fún mi. Ó lọ ra láfún nílé wọn ní Igbó-Ọrà. Láfún wà nínú oòrùn lójúde, òjò sì ṣú lójijì. Ó dúró, ó ń wò. Ọmọbìnrin kan pariwo mọ́ ọn pé, "Ẹ má wò, ẹ bá wa kó o!" Kò kí i, kò bi í lórúkọ. Ó kó o. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, láfún ti kún irùngbọ̀n rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọlọ́run ò, ewì rẹ nìyẹn! O ní i lọ́wọ́, o wá ń wojú ọ̀run."

Ó padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A jọ ń gé e kù. Mo máa ń ní kó kà á sókè, torí etí ló máa gbọ́ ọ, kì í ṣe ojú. Gbólóhùn tí èémí rẹ̀ bá gé mọ́ lẹ́nu, a pín in sí méjì. Ọ̀rọ̀ kan tó dára, a jẹ́ kó tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè bá a gbé e. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ láìfi àmì sí i. Nígbà tó ń kà á, ó pe ara rẹ̀ ní ọkọ́ tí a fi ń roko. A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ a mú kálàmù: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, ìkọ̀wé kan náà ni wọ́n bí kò bá sí àmì. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lójú èrò kò ní ráyè rò ó. Mo tún ní kó kọ ọ́ sórí ìwé gidi, kí ó kọ ọ́ gàdàgbà, kó má gbára lé fóònù tí iná rẹ̀ lè kú tàbí tí ẹnìkan lè pè sí i láàárín ọ̀rọ̀.

Ó ku ibi tí a máa fi í sí. Bó bá kà á kó tó dọ̀bálẹ̀, yóò dàbí ẹni ń gbéraga. Bó bá kà á lẹ́yìn tí ìlù ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. A fi í sí ẹ̀yìn ìgbà tí a bá ti da obì, tí ìyàwó sì ti tọ́ oyin àti iyọ̀ wò, kó tó dé ọkọ rẹ̀ ní fìlà. Mo lọ bá alága ìdúró tiwa, mo ní kó bá alága ìjókòó tiwọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má fi àwàdà owó dá a dúró láàárín. Ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ló gbà.

Ohun tó kà rèé. Ó fún wa láyè láti tẹ̀ ẹ́, Táyé náà sì gbà.

Àjọkẹ́, mo ti dọ̀bálẹ̀ tán, mo ti dìde.
Iyanrìn ilé bàbá rẹ ṣì wà láyà aṣọ mi.
N ò ní gbọ̀n ọ́n nù.

Láfún ni mo wá rà.
Òjò ṣú, mo dúró, mo ń wò.
O ní, "Ẹ má wò, ẹ bá wa kó o!"
O ò bi mí nílé, o ò bi mí lọ́nà.
Mo kó o. Láfún kún irùngbọ̀n mi.
O rẹ́rìn-ín, mo gbàgbé owó tí mo mú wá.

Àjọkẹ́, òjò yóò tún ṣú.
Bó bá jẹ́ àìsàn ni òjò náà, n ò ní wò, n ó bá ọ kó o.
Bó bá jẹ́ gbèsè ni òjò náà, n ò ní wò, n ó bá ọ kó o.
Bó bá jẹ́ ẹnu ará ilé mi ni òjò náà,
èmi ni n ó kọ́kọ́ sáré jáde.

N ò lè ṣèlérí pé o ò ní sunkún.
Mo ṣèlérí pé o ò ní dá a sun.
N ò lè ṣèlérí ọmọ, kò sí lápò mi.
Bó bá yá, a ó jọ gbà á.
Bó bá pẹ́, a ó jọ dúró,
ẹnikẹ́ni kò sì ní ka oṣù sí ọ létí níṣojú mi.

Bí inú bá bí mi, n ó sọ ọ́ nínú yàrá.
N ò ní gbé e jáde sójúde.
Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, n ó bẹ̀ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Kẹ́hìndé, ìwọ tó lọ tí o ò lọ,
ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni ọ́.
Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna mi yòókù,
mo dọ̀bálẹ̀ fún ìwọ náà.
Àyè rẹ wà nílé wa ní Èrúwà,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé.
Ọjọ́ tí a bá se ẹ̀wà, àwo méjì la ó bù.
Ọjọ́ tó bá rẹ Táyé,
ọwọ́ tèmi ni yóò wẹ̀ ọ́,
ọwọ́ tèmi ni yóò fi osùn pa ọ́ lára.
Ìyá wa, ẹ fọwọ́ yín sinmi.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, Àjọkẹ́.
Obì gbọ́ ọ, àgbà gbọ́ ọ, ilẹ̀ gbọ́ ọ.
Bí mo bá gbàgbé, kà á sí mi létí.
Mo ti gbá ilé sílẹ̀.
Dé mi ní fìlà, ká máa lọ.

Nígbà tó dé orí Kẹ́hìndé, ó fi ìwé sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èyí kò sí nínú ohun tí a jọ sọ. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n lóòótọ́, ẹ mọ̀ pé Táyé kàn wá tọ́ ayé wò fún un ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló dọ̀bálẹ̀ fún. Àwọn tó ń kùn nílé wa jókòó síwájú, wọ́n sì rí i. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ ní, "Àṣẹ."

Ìyá Táyé kò ríran dáadáa, mo ti sọ. Ó bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Ṣé ó dọ̀bálẹ̀ ni?" Wọ́n ní, "Ó dọ̀bálẹ̀, Màmá." Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú nínú afẹ́fẹ́, ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá kí òun fọwọ́ kàn án lórí. Táyé kò lè dé fìlà náà bọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. A ti da obì ṣáájú ìgbà yẹn, méjì ṣí, méjì dojú délẹ̀. Kò sí ẹni tó tún bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ obì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Táyé gbé Kẹ́hìndé pọ̀n wọ ilé wa, aṣọ funfun ni ó fi bò ó. Wọ́n bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe fún ìyàwó. Ọkọ rẹ̀ ló gbé ère náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mo lọ kí wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ ẹ̀wà ni mo bọ́ sí. Ọmọ wa ti oko dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó bu oúnjẹ tirẹ̀, ó jókòó, ó ti fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Táyé kò bínú, kò pariwo. Ó ń nu ìkòkò lọ, ó kàn ní, "Àwo mélòó la ó bù?"

Ọkọ gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Ó dìde, ó lọ mú àwo kékeré wá, ó bu ẹ̀wà sí i, ó ta epo lé e, ó sì gbé e lọ síwájú fèrèsé. Nígbà tó padà wá jókòó, ó wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ ò rí i? Èmi ni mo kọ ọ́."

Mo ní, "Ìwọ náà ni. Jẹun."